Oṣù Méjì Tí Owó Kì Í Wọlé

Ó ti rẹ akápò kó tó délé rárá. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń bọ̀, níbi tó ti dúró sídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ kùtùkùtù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú débi pé ó kọ́kọ́ jókòó sórí àga ilé ìdáná, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kó tó rántí pé òun ò tíì bọ́ bàtà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjì, tó gbà bọ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi, ti sùn lọ fọnfọn léjìká rẹ̀. Bàbá ọmọ ò sí nílé; iṣẹ́ ọdẹ ló ń ṣe, ìgbà tí ìyàwó bá ń wọlé lòun máa ń jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló tíì lò nípò akápò. Jẹ́lé-ó-sinmi àdúgbò wọn kì í ṣe ti ìjọba, kì í sì í ṣe ti olówó kan. Àwọn òbí ló dá a sílẹ̀ fúnra wọn, àwọn náà ló ń dá owó tí wọ́n fi ń gbé e ró. Nígbà tí akápò àtijọ́ kó lọ sí ìlú mìíràn, kò sẹ́ni tó na ọwọ́ nípàdé láti gba ipò náà. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ló sọ pé, “Ẹni tó ń ka aṣọ ibùsùn ẹgbẹ̀ta lójúmọ́ tí ẹyọ kan kì í sọnù, ta la tún ń wá kiri?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, kó sì tó la ẹnu, iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́rùn.

Ìpàdé ọdún di ọ̀la, aago mẹ́wàá àárọ̀. Alága, tó jẹ́ kafíńtà, ló ṣe ètò ìṣúná ọdún tuntun fúnra rẹ̀ nítorí pé akápò àtijọ́ ò dúró parí ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ló mú un wá bá obìnrin náà níwájú ilé ìfọṣọ, pẹ̀lú ìwé báńkì ọdún tó kọjá.

“Ẹ kàn kà á fún wọn, Akápò. Gbogbo ẹ̀ ti pé.”

Lóòótọ́, kíkà náà ló fẹ́ kà, kí ahọ́n rẹ̀ má baà kọsẹ̀ lójú àwọn èèyàn. Ó tẹ́ ọmọ sórí ibùsùn, ó bomi sójú, ó ṣí ìwé.

Owó tó máa wọlé kò ṣòro yé. Ọmọ mẹ́rìndínlógójì ló wà, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni òbí ń san lórí ọmọ kan lóṣù. Apá kejì ni ohun tí wọ́n máa ná. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń tọ́jú ọmọ ló kó èyí tó pọ̀ jù: ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóṣù, pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tí wọ́n fẹ́ fi kún un lọ́dún tuntun. Ìyẹn nìkan di 2,880,000. Owó ilé jẹ́ 480,000. Oúnjẹ, ọṣẹ, omi àti iná jẹ́ 600,000. Àtúnṣe ọgbà tó ti ń wó jẹ́ 240,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,200,000. Síwájú owó tó máa wọlé, Alága kọ 4,320,000, ó wá fa ìlà méjì nísàlẹ̀: 120,000 ṣẹ́kù. Ó dùn ún wò.

Obìnrin náà ì bá ti pa ìwé dé, kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lára láti máa fi iye tòní wé iye tàná. Ó ṣí ìwé báńkì, ó wo gbogbo ohun tó wọlé lọ́dún tó kọjá. 3,600,000 ni.

Ó tún un wò. Ọmọ ò pọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni ò fowó kún owó ọmọ. Kí ló dé tí tọdún tuntun fi ga ju tèṣí lọ ní 720,000?

Ó fìka tọ ìwé báńkì náà lóṣooṣù. Oṣù kìíní, owó wọlé. Oṣù kejì, owó wọlé. Ó ń sọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi dé ìgbà ọlidé gígùn, tí ilé ìwé máa ń tì, tí àwọn ẹ̀gbọ́n máa ń wà nílé ṣọ́ àbúrò, tí jẹ́lé-ó-sinmi náà sì máa ń tì. Oṣù méjì gbáko, kò sí kọ́bọ̀ tó wọlé. Owó jáde ṣá, nítorí pé àwọn obìnrin mẹ́rin náà ń gba owó oṣù wọn, onílé náà ń gba tirẹ̀.

Ó tẹ ìṣirò sórí fóònù. Mẹ́rìndínlógójì lọ́nà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, lọ́nà méjìlá: 4,320,000. Ohun tí Alága ṣe nìyẹn. Ó ti fi oṣù méjìlá ṣírò owó oṣù àwọn obìnrin, ó sì gbé méjìlá kan náà lọ sórí owó àwọn òbí. Bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́wàá ni àwọn òbí ń san. Tí wọ́n bá fi mẹ́wàá ṣe é, kì í ṣe pé owó ò ní ṣẹ́kù mọ́ nìkan. 600,000 ni yóò fi dín sí ohun tí wọ́n fẹ́ ná.

“Háà,” ló wí, ó sì rọra wí i kí ọmọ má baà jí.

Ó pe Alága. Fóònù dún títí.

“Akápò, ṣé kò sí?” Oorun ṣì wà lóhùn rẹ̀.

“Ẹ má bínú pé mo jí yín. Owó tó ń wọlé yẹn, oṣù méjìlá lẹ fi ṣe é. Oṣù mẹ́wàá la ń gbowó.”

Obìnrin náà ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága.

“Ọlidé,” ni Alága wí nígbẹ̀yìn.

“Ọlidé ni.”

“Akápò, ẹ wò ó. Mo ti sọ fáwọn obìnrin yẹn pé a máa fowó kún owó wọn. Wọ́n ti dúpẹ́, wọ́n ti kúnlẹ̀ pàápàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i lọ́la. Tó bá di àárín ọdún, a ó tún un ṣe.”

“Àárín ọdún gan-an lọlidé bọ́ sí, Alága. Ìgbà yẹn ni owó máa tán. Ṣé ìgbà yẹn la máa wá sọ fún wọn pé kò sí owó oṣù rárá?”

“Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe báyìí, lóru?”

“Mi ò mọ̀. Ẹ lọ sùn.”

Òun ò sùn. Kò bínú, agbára ìbínú ò sí lára rẹ̀. Ó kàn tún gbé bírò. Ó yọ àtúnṣe ọgbà kúrò, 600,000 di 360,000. Ó wo àlàfo náà títí, ó wá pín in fún ọmọ mẹ́rìndínlógójì, ó tún pín in sí oṣù mẹ́wàá. Ẹgbẹ̀rún kan ni òbí máa fi kún un lórí ọmọ kan lóṣù. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, àfi ìgbà tó rí i pé owó tó wọlé àti owó tó jáde ti dọ́gba rẹ́gí, kò ku ẹyọ owó kan. Tí òbí kan ṣoṣo bá kó ọmọ rẹ̀ lọ, 110,000 ti lọ nìyẹn, kò sì sí ibi tí wọ́n máa ti mú un. Ó wá wo owó tí wọ́n fẹ́ fi kún ti àwọn obìnrin. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin dípò oṣù kìíní, 120,000 á ṣẹ́kù fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan, ó tún un kọ nítorí ìkọ̀wé rẹ̀ ti ń wọ́, ó gbórí lé tábìlì.

Nígbà tí bàbá ọmọ wọlé láàárọ̀, ibẹ̀ ló ti bá a. Ó gbé ọmọ tó ti jí, ó ní, “Lọ wẹ̀. Mo ti gbà á.”

Akápò ṣe fọ́tókọ́pì ìwé náà ní ogójì, ó sì tètè dé jẹ́lé-ó-sinmi kí àwọn òbí tó dé. Kò fẹ́ kí àwọn obìnrin mẹ́rin náà gbọ́ ọ láàárín èrò. Wọ́n ń to àga kéékèèké. Àgbà inú wọn, tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá Jẹ́jẹ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ tó ń sọ fọ́mọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn, sáré wá dì mọ́ ọn.

“Akápò wa! Ẹ kú iṣẹ́ o. A gbọ́ ti àfikún wa.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.”

Ó ṣàlàyé fún wọn, oṣù mẹ́wàá, oṣù méjìlá, gbogbo rẹ̀. Ojú àwọn mẹ́ta yòókù wálẹ̀. Màmá Jẹ́jẹ́ gba ìwé náà, ó gbé e jìnnà sójú kó tó lè kà á.

“Oṣù kẹrin,” ló wí.

“Tí àwọn òbí bá gbà láti fi ẹgbẹ̀rún kan kún un. Tí wọn ò bá gbà, mi ò lè ṣèlérí.”

“Ọdún mẹ́fà la ti ń gba àádọ́ta yìí. Oṣù mẹ́ta ò ní pa wá.” Ó dá ìwé náà padà. “Àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ o. Kì í ṣe ti ẹnu.”

Ìpàdé náà gùn. Àwọn òbí jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, wọ́n sì ń kùn bí oyin. Nígbà tí akápò kà á dé ibi àṣìṣe náà, ẹnì kan béèrè ẹni tó ṣe é. Akápò wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Alága wúkọ́.

“Àwa ìgbìmọ̀ ni,” ni Alága wí.

Bàbá kan tó ní ọmọ mẹ́ta níbẹ̀ dìde. “Ẹ fowó kún un, ẹ tún yọ ọgbà. Ṣé ìyà méjì la máa jẹ ni?”

“Ìyà ni lóòótọ́, sà,” ni akápò dáhùn. Kò tilẹ̀ lágbára láti wá ọ̀rọ̀ dídùn. “Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló máa kàn yín lóṣù, mo mọ̀. Tí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, owó máa tán nígbà ọlidé, àwọn tó ń tọ́jú ọmọ wa á wáṣẹ́ lọ síbòmíràn. Ẹ̀yin náà ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù yín.”

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò. Fún ìgbà díẹ̀, kálukú tẹjú mọ́ fóònù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọwọ́: mọ́kàndínlógún fara mọ́ ọn, mẹ́jọ ò fara mọ́ ọn. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta wà lára àwọn mẹ́jọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé oṣù kẹrin ni àfikún bẹ̀rẹ̀, akápò sì bu ọwọ́ lù ú. Ní ti ọgbà, Alága ní òun máa fi pákó àjẹkù ṣọ́ọ̀bù òun di ibi tó ti là, lọ́fẹ̀ẹ́, títí wọ́n á fi rówó.

Alága náà ló fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé akápò lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé iṣẹ́ ọ̀sán ń dúró dè é. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn, Alága pa ẹ́ńjìnnì.

“Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni.”

“Ó yẹ,” ni obìnrin náà wí, ó sì ń tún aṣọ rẹ̀ tò. “Ẹ sọ ọ́ fún wọn nípàdé tó ń bọ̀. Ó ti rẹ̀ mí lónìí, Alága.”

Ó wọlé lọ.