Àmì Mẹ́ta Lára Ìbéèrè Kọ̀ọ̀kan

Ní ilé-ìwé Alhaji, ní Ìgàndó, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni àwọn ọmọ máa ń ṣe ìdánwò kékeré. Ìdánwò náà kọ́ ni wàhálà, bí kò ṣe ìbéèrè rẹ̀. Àwọn olùkọ́ kì í tètè mú un wá. Ẹlòmíràn á kọ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an, á sì gbé ìwé náà sáré bá ẹni tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lọ bá nọ́ọ̀sì.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ wọn níbẹ̀. Ilé-kéú ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀wé kà, àwọn ará mọ́sálásí wa ló sì dá owó jọ tí mo fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Alhamdulillah. Kò sí ọjọ́ tí mo wọ kíláàsì tí n kò rántí wọn. Nígbà tí Alhaji gbọ́ pé mo mọ kọ̀ǹpútà lò, ó ní kí n bá òun kó gbogbo ìbéèrè ilé-ìwé jọ sójú kan. Bánkì ìbéèrè ni a ń pè é.

Ìlà kan ni ìbéèrè kan, pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin àti èyí tó tọ̀nà nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni àmì mẹ́ta tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi sí i lára. Èkíní ni orí-ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè náà wà lábẹ́ rẹ̀. Èkejì ni bó ṣe le tó: ó rọrùn, ó wà láàárín, tàbí ó le. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe kí ó tó lè dáhùn rẹ̀: kí ó rántí, kí ó ṣàlàyé, tàbí kí ó lo ohun tó mọ̀ fún nǹkan tuntun. Bí àmì bá ti pé, kí n sáà ti sọ fún ẹ̀rọ pé orí-ọ̀rọ̀ báyìí ni mo fẹ́, pé kí èyí tó rọrùn pọ̀ ju èyí tó le lọ, á sẹ́ wọn bí a ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Kí tíì tí mo bù tó tutù, ìdánwò ti délẹ̀.

Alhaji fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé àmì wọ̀nyí fún àwọn olùkọ́ nípàdé. Bó ṣe dé orí èkejì, ó ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀.

"Ẹni tí ìbéèrè tirẹ̀ bá ṣáà ń le, kí ó yáa bi ara rẹ̀ bóyá ó kọ́ àwọn ọmọ rárá."

A rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ mi, "ó rọrùn" ló kún ibẹ̀ láti òkè délẹ̀, bí ẹja tí kò léegun.

Ìyá kan wà láàárín wa tó ń kọ́ JSS kejì ní sáyẹ́ǹsì. Ọmọ Èkìtì ni, ọmọ ìjọ sì ni. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, Alfa ló sì máa ń pè mí. Bí ààwẹ̀ bá dé, á gbé kúlà oúnjẹ rẹ̀ lọ sẹ́yìn yàrá ìkẹ́rùsí kí n má baà rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sọ fún un pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ìkẹyìn ń kàwé lọ́dọ̀ wa láìsan owó, nítorí pé ìyá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀.

Ìdánwò rẹ̀ wà nínú àwọn tí mo kọ́kọ́ fi bánkì náà ṣe. Orí-ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni bí ooru ṣe ń rìn. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ló fìdí rẹmi. Alhaji pe àwa méjèèjì sí ọ́fíìsì, ó sì na ọwọ́ sí ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé ó rọrùn. Ohun tó rọrùn ni wọn ò mọ̀ yìí. Kí ni kí n wí fún òbí wọn?"

Ó ní bí sáà bá parí, òun yóò wá olùkọ́ mìíràn. Ìyá náà ní òun ti gbọ́. Nígbà tí a jáde, kò sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rárá. Ohun tó bi mí ni ibi tí òun yóò gbé ọmọ náà lọ pẹ̀lú ọdún kan péré tó kù kí ó parí ìwé.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, mo kó ìwé ìdánwò àwọn ọmọ jọ, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó tì mí. Ó ń kà á, mo ń tẹ̀ ẹ́: ìbéèrè yìí, àwọn mélòó ló gbà á? Nígbà tí a parí, àmì kejì, àmì líle, kò sọ nǹkan kan fún wa, nítorí ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo wá ní kí ẹ̀rọ tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí àmì kẹta. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti là. Àwọn tó ní kí ọmọ rántí, bí i kí ó dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta tí ooru ń gbà rìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ ló gbà á. Àwọn tó ní kí ó lò ó, bí i ìdí tí ṣíbí irin fi ń jóni lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ gbígbóná tí orógùn kì í jóni, ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ló rí i ṣe.

Mo rántí pé èmi náà ti há ọ̀pọ̀ súrà sórí, tí mo ń ké e láìṣi ọ̀rọ̀ kan pè, kí n tó mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan nínú wọn. N kò ka ìyẹn sí òfò. Ọlọ́run fi ìtumọ̀ rẹ̀ kún un fún mi nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan dán mi wò lórí ìtumọ̀ nígbà náà, yóò ní n kò kéwú rí.

Ìyá náà sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà.

"Alfa, bí mo ṣe kọ́ wọn gan-an nìyí," ni ó wí. "Mo máa ń pè é, wọ́n á sì wí tẹ̀lé mi."

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a padà lọ bá Alhaji. Mo fi ìwé hàn án, mo sì ṣàlàyé pé ìbéèrè tí olùkọ́ kan rò pé ó rọrùn lè má rọrùn fún ọmọ, pé iye ọmọ tó bá gbà á ló ń sọ bó ṣe le tó. Alhaji ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó ní ṣé kì í ṣe pé mo fẹ́ gbà á sílẹ̀ ni.

"Kò gbà mí sílẹ̀," ni ìyá náà dáhùn. "N kò kọ́ wọn láti lò ó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ nípàdé, Alhaji, pé ẹni tí tirẹ̀ bá le, kí ó bi ara rẹ̀ wò. Ẹ̀rù bà mí, mo kọ 'ó rọrùn'. Ẹ ò halẹ̀ mọ́ wa lórí àmì kẹta, ìdí nìyẹn tí òótọ́ fi wà níbẹ̀."

Tẹ̀sùbáà dúró. Alhaji ní kí a máa lọ, pé ìdánwò tó ń bọ̀ ni òun yóò wò.

Ìyá náà wá ní kí n bá òun sẹ́ gbogbo ìbéèrè tó ní kí ọmọ lo ìmọ̀ jáde lórí iṣẹ́ tó kàn, èyí tí òun yóò fi kọ́ wọn. Mo pín wọn sí méjì. Èyí tó mú lọ sí kíláàsì, mo sàmì sí i kí ẹ̀rọ má baà mú un sínú ìdánwò. Láti ìgbà náà, ariwo kíláàsì rẹ̀ ń wọlé bá mi láti ara ògiri, àwọn ọmọ ń jiyàn, òun náà ń bá wọn jiyàn ní ohùn Èkìtì.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló yege nínú ìdánwò kejì. Ṣùgbọ́n àwọn tó rí ìbéèrè ìlò dáhùn ti di púpọ̀, ó sì hàn gbangba lórí ìwé. Alhaji kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ó kàn ní kí olùkọ́ máa fi àyè àmì líle sílẹ̀ lófìfo títí àwọn ọmọ yóò fi kọ ìdánwò náà.

Nígbà tí a lẹ táìmútébù sáà tuntun mọ́ ara ògiri, ìyá náà wá síbẹ̀ kí àwọn yòókù tó dé. Ó wá JSS kejì kàn, ó fi ìka tọ ìlà sáyẹ́ǹsì lọ títí ó fi kan orúkọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ bírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn wákàtí rẹ̀ kọ sẹ́yìn ìwé.