Ìlà Kan Tí Ìyá Ṣókí Fi Ránṣẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe lè gùn tó, kó lọ bi ọkọ Ìyá Ṣókí. Bí obìnrin náà bá fẹ́ sọ bó ṣe ra bàtà, òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò kọ́kọ́ sọ. Yóò sọ ti ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀, yóò sọ àìsàn tó ń ṣe ẹni náà, yóò sọ dókítà tí àìsàn ọ̀hún kò yé. Ọbẹ̀ á ti tutù kí bàtà tó yọjú. Ọkọ rẹ̀ a máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyá àwọn ọmọ, jọ̀ọ́, bọ́ sí ìdí ọ̀rọ̀." Òun á ní ìdí ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lọ́nà.

Obìnrin yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ bísíkíìtì gbà síṣẹ́ pé kó máa gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ẹ sáà rí nǹkan. Yàrá rẹ̀ wà lókè àtẹ̀gùn, níbi tí òórùn ṣúgà àti bọ́tà ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá kí i láràárọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti bá àwọn àgbà ilé iṣẹ́ sọ, inú síláìdì ló ń kó o sí, àwọn àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń gbé sára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan nípàdé, yóò wá kó odidi rẹ̀ wá fún un. Nínú odidi yẹn ni Ìyá Ṣókí ti ń yọ mẹ́ta. Ìlà kan ṣoṣo wà fún Alága, tó máa ń wà lórí ìrìn nígbà gbogbo tó sì ń ka nǹkan lórí fóònù. Ìpínrọ̀ kan wà fún ìgbìmọ̀, tí wọ́n ń kà á bí wọ́n ṣe ń fa àga jókòó. Odindi ojú ìwé kan sì wà fún àwọn olórí ẹ̀ka, torí àwọn ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn jù ni pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n tìtorí iṣẹ́ rẹ̀ pa á lówe ni.

Ọ̀rọ̀ ààrò ló dé lọ́jọ́ Ẹtì kan. Ààrò ńlá kan wà nísàlẹ̀, bíríkì ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó tóbi ju yàrá Ìyá Ṣókí lọ. Bàbá kan ló ń tọ́jú iná rẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Bàbá Ààrò ni gbogbo èèyàn ń pè é, ó sì ṣeé ṣe kí ìyàwó rẹ̀ nìkan ló rántí orúkọ rẹ̀ gan-an. Láìpẹ́ yìí, bísíkíìtì àkọ́kọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé ń jó dúdú. Bàbá Ààrò búra pé ìyẹ̀fun ló fà á. Ẹni tó ń ra ìyẹ̀fun búra pé ààrò ni. Ìyẹn ni wọ́n fi ní kí ọ̀dọ́mọbìnrin ẹnjiníà kan wá wò ó. Aláràbarà ni ìnagijẹ rẹ̀, torí kò sí àwọ̀ tí Ọlọ́run dá tí ẹ ò ní bá nínú síláìdì rẹ̀.

Aláràbarà jókòó ti ààrò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń wọn ooru rẹ̀, ó sì rí ìdí ọ̀rọ̀. Wọ́n ń paná ààrò lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bíríkì á ti tutù pátápátá, ojú á wá máa kán àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n á kó iná lé e. Ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru sì rèé, ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé e kọ́, níbi tí kì í tètè gbóná. Bó ṣe ń sọ pé ó kù díẹ̀, inú lọ́hùn-ún ti pọ́n. Nítorí náà, Aláràbarà ní kí wọ́n má ra ààrò tuntun. Kí wọ́n fi iná díẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n náà lọ sáàárín, kí wọ́n dán an wò fún oṣù méjì. Tí bísíkíìtì bá ṣì ń jó lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ ààrò tuntun. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú síláìdì, àmọ́ ọ̀rọ̀ bísíkíìtì tó jó ló ṣáájú, ìmọ̀ràn náà sì wà lápá ìparí, lẹ́yìn àwòrán aláwọ̀ osùn kan tó lè fọ́ni lójú.

Ìlànà Ìyá Ṣókí ni pé inú síláìdì gan-an ni yóò ti yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í gé ìpínrọ̀ lára ojú ìwé, kì í sì í gé ìlà lára ìpínrọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ láti ìrìn àjò, wọn ò sì tíì fojú kanra láti ọdún tó kọjá. Ẹ ronú iye ọ̀rọ̀ tó ti kún inú obìnrin yìí. Ó kọ ojú ìwé náà bí síláìdì ṣe tò ó, ó dáa. Ó gé e di ìpínrọ̀, ìyẹn náà ò burú, ìmọ̀ràn ẹnjiníà ṣì wà nídìí rẹ̀. Ó wá mú gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìpínrọ̀ náà, ó tún un ṣe díẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Alága, ó gbé báàgì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Ààrò gun àtẹ̀gùn wá. Èyí nìkan tó láti dẹ́rù bani, torí orúnkún rẹ̀ kì í gbà fún un. Ó ṣí fìlà, ó sì jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Wọ́n ti ń wọn ààrò mi," ló wí.

"Ta ló ń wọ̀n ọ́n, bàbá?"

"Ẹni tó ń bá wa ra ẹ̀rọ. Ó ní Alága ti ní kí wọ́n yọ ọ́. Tuntun ń bọ̀, bọ́tìnì ni wọ́n á máa tẹ̀. Mo bi í pé ta ló máa wá máa tọ́jú iná, ó ní iná náà á máa tọ́jú ara rẹ̀." Ó yí fìlà náà lọ́wọ́. "Ìyá Ṣókí, ṣé ilé ni kí n wá máa jókòó sí? Ìyàwó mi ò fẹ́ rí mi nílé lójú ọ̀sán. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀."

Inú bí Ìyá Ṣókí. Ó ní Alága ò kàwé mọ́, pé ìlà kan péré náà ti wá pọ̀ jù fún un. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ. "Ẹ gbọ́ nǹkan tí mo kọ sí i, bàbá, kẹ́ ẹ fi mọ̀ pé ẹjọ́ mi kọ́." Ó kà á sókè: "Ààrò àtijọ́ ń jó bísíkíìtì ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ẹnjiníà ti parí àyẹ̀wò rẹ̀."

Bàbá Ààrò rò ó díẹ̀. "Ṣé irọ́ wà níbẹ̀?"

"Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, bàbá."

"Tí wọ́n bá ka èyí fún èmi náà," bàbá náà wí, "màá ní kí wọ́n yọ ọ́."

Ara Ìyá Ṣókí tutù. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á pọ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ fún ọmọlúàbí lóòótọ́, àmọ́ àbọ̀ tí kò ní ìpinnu nínú ni, ọmọlúàbí sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ wá àbọ̀ tó kù.

Ó ké sí Aláràbarà. Ìyẹn sáré gòkè pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lápá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Mà, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kí wọ́n má ra òmíràn. Mo tiẹ̀ fi àwọ̀ ewé kùn ún."

"Mo rí i. Èmi ni mo gé e sọnù. Ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀."

Wọ́n wo síláìdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ṣókí tẹ́ ìlà, ìpínrọ̀ àti ojú ìwé sórí tábìlì, ó sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta kan náà: kí ni ká ṣe, kí ló fà á, kí ló lè yí i padà? Ojú ìwé dáhùn, ó kàn pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó kọ ọ́. Ìpínrọ̀ dáhùn ní ìdí pátápátá. Ìlà ò rí ẹyọ kan dáhùn.

"Kọ ọ́ pé ìyẹ̀fun ló fà á," Bàbá Ààrò dábàá.

"Ẹnjiníà ò sọ bẹ́ẹ̀, bàbá."

"Ó dáa, kọ ọ́ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ààrò láéláé."

"Oṣù méjì ló sọ."

"Tí kò bá wá dáa lẹ́yìn oṣù méjì ńkọ́?"

Ìyá Ṣókí fẹ́ràn bàbá yìí. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ yọ oṣù méjì náà kúrò, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ohun tó gé sọnù lọ́jọ́ Ẹtì ló ń dà wọ́n láàmú lọ́wọ́lọ́wọ́. "Ó wà nínú síláìdì, bàbá," ló wí, ó sì fi í sílẹ̀.

Ohun tó kọ sí Alága rèé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìlà ọjọ́ Ẹtì kò gbé ìmọ̀ràn ẹnjiníà, èmi ni mo gé e sọnù. Èyí tó tọ́ nìyí: Ẹ má ra ààrò tuntun báyìí, bí a ṣe ń dáná lọ́jọ́ Ajé ló ń jó bísíkíìtì, a ó tún un ṣe, a ó sì dán an wò fún oṣù méjì ká tó pinnu." Ó wá mú ìpinnu yẹn kan náà síwájú ìpínrọ̀, ó mú un síwájú ojú ìwé, ó sì rí i pé oṣù méjì kò di mẹ́ta níbì kankan.

Alága kì í pe èèyàn. Fóònù dún, òun ni.

"Ìyá Ṣókí, ìlà wo ni kí n gbà gbọ́?"

"Ìkejì, sà."

"Kí ló ṣe àkọ́kọ́? Irọ́ ni?"

"Òdodo ni, sà. Àmọ́ kì í ṣe ìbéèrè yín ló dáhùn."

Aláràbarà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èékánná. "Ẹ ní kí ẹni tó ń wọn ààrò ká téèpù rẹ̀ nílẹ̀," Alága wí. "Oṣù méjì." Ó pa fóònù.

Bàbá Ààrò dé fìlà rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Iná díẹ̀ tẹ́ ẹ ní ká fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ta ló máa jókòó tì í?"

"Ẹ̀yin náà ni, bàbá."

"Inú ìyàwó mi máa dùn," ló wí, ó sì ń dẹ́rìn-ín bó ṣe ń rọra sọ̀ kalẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ Ìyá Ṣókí bu oúnjẹ síwájú, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì bí ẹni tó ti gbà f'Ọ́lọ́run, ó bi í pé, "Báwo nibi iṣẹ́ lónìí?"

"Díẹ̀ ló kù kí n fi òdodo lé Bàbá Ààrò kúrò lẹ́nu iṣẹ́," ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ọkọ dúró. Ó tún dúró sí i. Ìyá Ṣókí bu omi mu.

"Ó parí?"

"Ó parí."

Ọkùnrin náà ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Rárá o," ló wí. "Ṣé òjò rọ̀ láàárọ̀ àbí kò rọ̀? Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."