Fáànù Tí Wọ́n Ní Yóò Dákẹ́

Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ni mò ń sọ tàwa méjèèjì. Ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, èmi ń ta ṣájà níwájú. Jẹ́jẹ́ làwọn oníbàárà ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kánjú fọwọ́ kan nǹkan lórí tábìlì rẹ̀: "Jẹ́jẹ́ o." Ẹ má rò pé mò ń yìn ín. Bí mo bá rán an ní búrẹ́dì, jẹ́jẹ́ náà ni yóò lọ, ebi á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu wá pa kó tó dé.

Ṣùgbọ́n ti Jẹ́jẹ́ kọ́ ni mo jókòó láti sọ. Ti Ìyá Agbẹ̀bí ni. Mo fẹ́ káwọn èèyàn mọ irú obìnrin tó jẹ́, torí àwọn kan ládùúgbò ti ń sọ pé orí rẹ̀ ti dà rú, inú sì ń bí mi sí wọn.

Òun ló gbẹ̀bí àkọ́bí mi. Ọmọ náà dé, kò ké. Gbogbo àwọn tó wà ní yàrá ń wo ara wọn lójú. Ìyá yìí ló fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ló fi ṣọ́ọ̀lù wé e, ló gbé e mọ́ àyà, ló dẹ etí sí i nímú. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní, "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Ó ń mí." Lónìí ọmọ náà ti ga jù mí lọ, ó sì ti mọ ẹnu í fọ̀. Iṣẹ́ tí ìyá náà fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn, kó máa gbọ́ èémí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún òun alára. Ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, tó ń lọ káàkiri gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí ohun tí wọ́n mọ̀ má bàa bá wọn lọ. Ó rìnrìn àjò lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tó wọ̀ kò débi tó ń lọ. Òun àti fóònù ọwọ́ rẹ̀, kò sí èyí tó padà wálé. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó fi sílẹ̀ lórí ibùsùn rẹ̀ ló kù. Ọmọ náà ti tò ó pé kó má sùn, kó máa ṣiṣẹ́ títí òun yóò fi dé. Ìyá rẹ̀ kò sì pa á láti ọjọ́ náà. Gbogbo ohùn tí ọmọ náà gbà wà nínú rẹ̀, ohùn ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì wà láàárín wọn, torí òun ló ń béèrè ọ̀rọ̀.

Ọ̀sán kan ló gbé e wá bá wa. Ó fi ṣọ́ọ̀lù ọmọ tuntun wé e, ó gbé e mọ́ra, a sì ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ mi," ló wí fún Jẹ́jẹ́, "mi ò ṣe nǹkan kan lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Àmọ́ ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré. Ó wá ń le sí i ni. Ó ti wá di ibà sí i lára."

Jẹ́jẹ́ tú ṣọ́ọ̀lù náà, ó gbé ọwọ́ sára ẹ̀rọ, ó tètè gbé e kúrò. Ó gbọ́ná.

"Fáànù inú rẹ̀ ló ń pariwo, Màmá," ó ní. "Fáànù ò sì mọ̀ bóyá ẹ ń ṣiṣẹ́ tàbí ẹ ò ṣiṣẹ́. Ooru nìkan ló mọ̀. Bí ooru bá pọ̀, á sáré."

"Níbo wá ni ooru ti ń wá, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lò ó?"

Jẹ́jẹ́ tẹ bọ́tìnnì méjì mẹ́ta, orúkọ àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe lábẹ́lẹ̀ jáde sójú rẹ̀. Ọ̀kan wà lókè pátápátá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gba gbogbo agbára ẹ̀rọ náà. Ọmọ Ìyá Agbẹ̀bí ló fi í síbẹ̀, kó máa kó ohùn tó gbà lọ sí ibi ìpamọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Dáàtà ti tán tipẹ́, iṣẹ́ náà kò mọ̀. Á ka àwọn fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́, kò ní rí ọ̀nà, á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ìyá Agbẹ̀bí wo ojú ẹ̀rọ náà títí. "Ṣé pé látìgbà tó ti lọ, iṣẹ́ ọmọ mi ló ń ṣe?"

"Òun ló ń ṣe, Màmá."

Ó fi etí gèlè nu ojú. Èmi náà wá nǹkan kan láti tò níwájú, torí mi ò fẹ́ kó rí tèmi.

Jẹ́jẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí atẹ́gùn gbígbóná ń gbà jáde. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ tó rí bí eyín òòyà, ìdọ̀tí sì ti di mọ́ ọn bí òwú. Fáànù ń fẹ́, atẹ́gùn kò rọ́nà jáde. Ó béèrè ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ náà sí.

"Lórí ibùsùn ọmọ mi. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀lù bò ó kí eruku má wọ̀ ọ́. Bí òtútù bá mú, mo máa ń wé e dáadáa."

Ọkọ mi wò mí, mo gbójú sókè àjà. Ta ló fẹ́ sọ fún un? Òun náà ló sọ ọ́, jẹ́jẹ́, pé ihò abẹ́ ẹ̀rọ ni imú tó fi ń fa atẹ́gùn tútù, pé ibùsùn dí i, pé irun ṣọ́ọ̀lù yìí gan-an ló ń fà wọlé. Ó ní ìpara tó wà láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀ yóò ti gbẹ pẹ̀lú. Ó ní kí òun pa á, kí òun tú u, kí òun gbọ̀n ọ́n nù, kí òun sì fi ìpara tuntun sí i.

"Má pa á," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí.

Páásíwọ́ọ̀dù ló ń bà á lẹ́rù. Bí ẹ̀rọ náà bá kú tó sì jí, yóò béèrè rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n sì ti lọ. Kì í ṣe òmùgọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Jẹ́jẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí àwọn kọ́kọ́ kó àwọn ohùn náà jáde, kí àwọn tó pa á. Ó fi pákó méjì gbé e sókè lórí tábìlì, ó kọjú fáànù ṣọ́ọ̀bù sí i, ó ki àpótí ìpamọ́ kékeré kan bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé síbẹ̀. Ó wá dá iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ yẹn dúró kí ooru lè dín.

"Yóò dákẹ́ láìpẹ́, Màmá," ó ní.

Ọkọ mi tí kì í sọ̀rọ̀! Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, èyí ló rí mú. Kí ló dé tí kò sọ pé ariwo yóò rọlẹ̀? Àwa mélòó ni kò mọ ohun tí wọ́n ń wí bí wọ́n bá ní èèyàn dákẹ́? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi túfọ̀ ọmọ náà fún un nìyẹn. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, mo sì rò pé ọ̀fọ̀ tó wà lára rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni iná lọ. Fáànù ṣọ́ọ̀bù dúró. Jẹ́jẹ́ gba ẹ̀yìn jáde lọ fa jẹnẹrétọ̀ wa, tí kì í tètè gbọ́ràn, èmi sì ń bá oníbàárà kan fa ọ̀rọ̀ ṣájà níwájú. Ẹ̀rọ náà ń lo bátìrì, ó ń kó fáìlì lọ. Bí ooru rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ariwo rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, títí a ò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí mo yíjú padà, Ìyá Agbẹ̀bí ti gbé ẹ̀rọ náà. Ó ti fi ṣọ́ọ̀lù wé e, ó ti gbé e mọ́ àyà, ó dẹ etí sí i bó ṣe ṣe sí ọmọ mi lọ́jọ́sí. Kò pẹ́, fáànù náà tún bẹ̀rẹ̀ ariwo. Iṣẹ́ ni kíkó fáìlì pẹ̀lú, ẹ̀rọ sì ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò fún kòkòrò tó ń ba fáìlì jẹ́ bó ṣe ń kó o, ihò gbogbo sì ti dí. Ariwo náà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Ó ti padà," ó ní. "Ó ń mí."

Inú mi dùn sí ẹ̀rín náà, torí ó pẹ́ tí mo ti rí i lẹ́nu rẹ̀. Mo padà sídìí ṣájà mi. Bí jẹnẹrétọ̀ ṣe gbà fún Jẹ́jẹ́ tán ni mo gbọ́ tí ariwo ẹ̀rọ náà gé, bí ẹni gé okùn.

Bí ooru bá kọjá ohun tó lè gbà, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ má bàa jó. Jẹ́jẹ́ wọlé pẹ̀lú epo lọ́wọ́, ó rí okùn àpótí ìpamọ́ tó ń fì lábẹ́ ṣọ́ọ̀lù. Ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú u, ó yọ ìdọ̀tí náà jáde odindi bí ìdì òwú, ó fi ìpara tuntun sí i, ó sì tàn án. Ó jí wẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ tutù. Bẹ́ ẹ bá gbé etí lé e, ẹ ò ní gbọ́ fáànù rẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù ló ń béèrè. Ó tún yọ díìsìkì inú rẹ̀ tí àwọn fáìlì wà, ó fi í sára ẹ̀rọ míì, títì ni wọ́n ti òun náà pa. A rí tàrùn ṣe, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe.

"Ṣé èmi ni mo fún un lọ́rùn?" ni Ìyá Agbẹ̀bí bi í.

Mo ń fi ojú bẹ ọkọ mi pé kó purọ́. Kò mọ irọ́ pa, ìyà tí mò ń jẹ nílé nìyẹn.

"Ooru ni, Màmá," ó ní. "Ṣọ́ọ̀lù yẹn sì wà lára rẹ̀. Àmọ́ èmi ni mo ní yóò dákẹ́, mi ò sì sọ ohun tí mo ní lọ́kàn fún yín. Ọwọ́ àwa méjèèjì ló wà ńbẹ̀."

Ìyá Agbẹ̀bí mi orí. Ó ká ṣọ́ọ̀lù náà sí mẹ́rin lórí itan rẹ̀. Mo bú sẹ́kún, òun ló ń pàrọwà fún mi.

Àwọn fáìlì náà tóbi, ọ̀kan ṣoṣo ló wọlé tán kí ẹ̀rọ tó kú. Jẹ́jẹ́ ṣí i lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ohùn Ìyá Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ la gbọ́, ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ọmọ tó dé láì ké ń mí. Ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń sọ ọ́ lọ. Ó jókòó ó ń gbọ́ ara rẹ̀, ojú rẹ̀ gbẹ, títí ohùn ọmọkùnrin kan fi gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín: "Màmá, ẹ dúró díẹ̀ ná. Fáànù ẹ̀rọ yìí ń pariwo, kò jẹ́ n gbọ́ yín."

Lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú fáìlì náà. Fáànù náà ló kù tó ń fẹ́, òun àti ọmọ náà tó ń mí létí ẹ̀rọ, tó ń dúró kó rọlẹ̀.

"Dá a padà síbẹ̀ yẹn," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí, ó sì gbé etí lé e.