Ẹ̀gún Tó Wọ Oríkèé Lazhar

Ní Nefta, ìlú kan létí aṣálẹ̀, bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ara kì í rọ ẹni tó ní igi dàbínù. Òdòdó abo tó bá là kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ènìyàn yára gun igi náà, kó fi òdòdó akọ sí i láàárín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èso játijàti ni yóò so. Lazhar ni gbogbo ilé ń pè sí iṣẹ́ yìí. Kì í lo igbà, ó sì ń fi í yangàn.

Ẹ̀gún ìdí imọ̀ igi náà kì í ṣe tuntun sí i. Wasila ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a yọ ọ́. Á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ara rẹ̀ àti ojú ibẹ̀, á fi sìpíríìtì nu abẹ́rẹ́ àti ẹ̀mú, á rọra ṣí awọ òkè díẹ̀, á sì fa ẹ̀gún náà gba ọ̀nà tó gbà wọlé. Kì í fún ojú ibẹ̀ rárá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, orí igi ni ẹ̀gún ti gún un ní oríkèé ìka ọwọ́ ọ̀tún. Igi mìíràn ṣì ń dúró dè é. Lazhar fi eyín fà á, ó dá, ṣóńṣó rẹ̀ kù sínú. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀bẹ wá a, ó fún un títí, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló rí.

Wasila wò ó nílé, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Bàbá Munira, èyí kọjá agbára mi. Ó ti jìn, oríkèé ló sì wọ̀. Ẹ lọ sílé ìwòsàn."

"Nítorí ẹ̀gún? Ṣé kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín ni? Jẹ́ kí òdòdó tán ná."

Ojú ibẹ̀ pa dé, Lazhar rò pé ó ti jinná. Kò pẹ́ tí ìka náà fi wú, ó pọ́n, ó gbóná, kò ṣeé ká mọ́. Wasila bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀, ó ń fi ìka yòókù gun igi. Àfi ìgbà tí ọyún ń tú, tí ìlà pupa ń ti ọrùn ọwọ́ lọ sókè, tí kókó yọ lábíyá rẹ̀, tí ibà sì gbé e gbọ̀n. Ọjọ́ náà ló tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn.

Wọ́n gbé e láti ibẹ̀ lọ sí ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀. Wọ́n là á, wọ́n fọ inú oríkèé, wọ́n yọ ègé dúdú bíńtín kan, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Dókítà ní àwọn rí apá náà gbà là, ṣùgbọ́n ìka náà kò ní ká mọ́ láéláé. Ó ní ká ní ó tètè wá ni, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ tí kò lè di igi mú, kí ló fẹ́ fi gùn ún? Àwọn ọ̀dọ́ ló ń gun igi rẹ̀ báyìí, òun ń wò wọ́n láti ìsàlẹ̀, inú rẹ̀ sì ń bàjẹ́. Ẹyọ igi kékeré kan ṣoṣo ló kù tó lè fúnra rẹ̀ fi òdòdó sí. Lọ́dún tó kọjá, orí ilẹ̀ ló dúró sí. Lọ́dún yìí, Wasila ló di àpótí tó dúró lé mú fún un, ó sì gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń bẹ igi náà wúyẹ́wúyẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má tíì ga.