Orúkọ Tí Mo Kọ Sórí Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Àǹtí

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìka mi ló yá ju orí mi lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Àgọ́-Ìwòyè, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Òrù. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ la máa ń tẹ̀ jù níbẹ̀, lẹ́tà ìwáṣẹ́ ló sì tẹ̀lé e.

Lẹ́tà ìwáṣẹ́ kò le. Ọ̀kan ti wà nínú kọ̀ǹpútà kí n tó débẹ̀. Tí oníbàárà bá dé, a ó ṣí i, a ó yí orúkọ padà, a ó yí àdírẹ́sì padà, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìkíni tó wà lókè rẹ̀ ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀ lédè òyìnbó, tó túmọ̀ sí "Sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn." A kì í fọwọ́ kan ìyẹn. Ó ti wà níbẹ̀, kí ó máa wà níbẹ̀.

Ọ̀gá mi obìnrin ló dá a dúró. Ó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé rí ní ọ́fíìsì kan kó tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí mo débẹ̀ tó jókòó tì mí tó ń ka ohun tí mo ń tẹ̀.

"Kí nìyí?"

Mo ní, "Ìkíni ni, mà."

"Ta lo ń kí?"

Mo tún wo ojú kọ̀ǹpútà.

Ó ní, "Ìwé ẹ̀rí ìwà ni wọ́n ń kọ báyìí sí, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ọwọ́ tó máa bọ́ sí. Ìwọ tó ń wáṣẹ́, o mọ ilé tí o ń lọ. Ṣé o lè wọ ilé onílé kí o dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí o ní, 'Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ mi bá kàn, ẹ kú ilé o'? Wọn ò ní lé ọ jáde?"

Gbogbo wa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ó wá kọ́ mi bí a ti ń ṣe é. Ka ìpolówó iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí orúkọ lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ojú kò rí. Wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí nọ́ńbà bá wà, pè é, béèrè orúkọ ẹni tó ń gbani síṣẹ́, bí wọ́n ti ń kọ ọ́, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Tí o bá ṣe gbogbo èyí tí o kò rí orúkọ, kí ipò: "Ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́," tàbí "Olórí ẹ̀ka ìṣirò owó," tí ẹ̀ka ìṣirò owó bá ni iṣẹ́ náà. Tí ó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ ló ń yan ènìyàn, kí ìgbìmọ̀. Tí ó bá jẹ́ ilé ìwé, kí ọ̀gá ilé ìwé. Má kọ "Sà" nìkan, nítorí obìnrin lè wà nídìí tábìlì náà. Tí o bá sì kọ "Sà tàbí Mà", kò burú, àmọ́ kò sọ pé o mọ ibi tí o ń lọ.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n orúkọ tí kò bá dá ọ lójú, má kọ ọ́. Ipò kì í ṣìnà. Orúkọ ló ń ṣìnà."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́.

Àǹtí dé ní ọjọ́ kan tí ọ̀gá mi lọ kí ènìyàn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kì í ṣe ẹbí mi. Mo ń pè é ní Àǹtí torí ó jù mí lọ dáadáa. Ilé ìlagi kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń kọ gẹdú tó wọlé àti pákó tó jáde, títí ilé ìlagi náà fi kógbá sílé. Ó mú ìpolówó iṣẹ́ kan wá, tí ẹnì kan fi fóònù yà lára ògiri ní Abígí. Ilé iṣẹ́ tó ń fi yìnyín tọ́jú ẹja ló ń wá ẹni tí yóò máa kọ ẹja tó wọlé àti èyí tó jáde. Wọ́n ní kí olúkúlùkù mú lẹ́tà rẹ̀ wá nínú àpò ìwé. Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀, àfi nọ́ńbà fóònù kan.

Ó ní, "Àbúrò, iṣẹ́ mi gan-an nìyí. Ẹja dípò pákó ni."

Mo ní, "Àmọ́ pákó kì í rùn, Àǹtí."

"Kí ó rùn! Màmá mi ń bẹ ní Efire. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ara wọn, èmi nìkan ni mo kù tó lè máa gbé wọn dìde. Tí mo bá rí iṣẹ́ yìí, mo lè máa ti Abígí padà sọ́dọ̀ wọn lálaalẹ́. Tí n kò bá rí i, Èkó ni, lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí bàbá mi tó ní kí n wá dúró ti òun ní ṣọ́ọ̀bù. Ta ni yóò wá gbé màmá mi dìde?"

Ó jókòó tì mí bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dé ibi ìkíni, òun fúnra rẹ̀ ló béèrè.

"Ta la máa kí?"

Ó yẹ kí n ní, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n. Fóònù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, owó ìpè sì wà nínú rẹ̀. Ojú ló ń tì mí. Òyìnbó mi kò dán, n kò sì fẹ́ kí Àǹtí gbọ́ bí n óò ṣe máa kálòlò fún àwọn ará ọ́fíìsì. Mo ní kí ó dúró ná. Mo wá orúkọ ilé iṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí àwòrán kan tí ọkùnrin kan nínú agbádá ń bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwòrán náà pé òun ni máníjà. N kò wo ọdún tí wọ́n gbé e síbẹ̀.

Mo ní, "Mo ti rí i."

Àǹtí tẹjú mọ́ mi. "Ó dá ọ lójú? Àbí kí a pe nọ́ńbà yìí?"

Mo ní, "Mo ti pè wọ́n láàárọ̀, Àǹtí. Ẹlòmíràn ti mú irú iṣẹ́ yìí wá. Òun náà ni."

Irọ́ ni. Kò sí ẹlòmíràn, n kò sì pe ẹnikẹ́ni. Ó jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ tó ń retí. Inú Àǹtí dùn. Ó ní, "Ọlọ́run á gbé ọ ga. Àwọn yòókù máa kọ 'Sà, Sà,' èmi á kọ orúkọ wọn gan-an." Mo kọ orúkọ ọkùnrin náà sókè lẹ́tà, mo tún kọ ọ́ gàdàgbà sára àpò ìwé, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Àǹtí padà wá, ojú rẹ̀ ti rẹ̀.

"Wọ́n ti gba ènìyàn. Mo mọ ọmọ tí wọ́n gbà, kò tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Wọn ò tilẹ̀ pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àbúrò, ọlọ́dẹ ẹnu géètì ni mo fún ní lẹ́tà mi, ṣé ó dé ọwọ́ wọn ṣá?"

Mo ní ó ti ní láti dé. Àmọ́ n kò rí ara gbà á. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi fún mi láyè, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo wọ òmíràn lọ sí Abígí, ọ̀kadà ló gbé mi dé ẹnu géètì wọn. Obìnrin kan ni mo bá nídìí tábìlì, ó wé gèlè kékeré, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Mo sọ orúkọ Àǹtí fún un.

Ó ní òun kò rántí rẹ̀. Nígbà tí mo sọ orúkọ tó wà lára àpò ìwé, ó ní, "Háà!"

Ó fa dúróà kan, ó kó àwọn ìwé kan jáde. Lẹ́tà Àǹtí wà láàárín wọn. Wọn kò tíì tú u.

Ó ní, "Bàbá yìí ti fi ibí sílẹ̀ tipẹ́. Lẹ́tà tó bá wá pẹ̀lú orúkọ wọn, a kì í tú u, tiwọn ni. Wọ́n ní àwọn á rán ènìyàn wá kó o. Ẹ ò rí i pé wọn ò rán ẹnikẹ́ni? Màdáàmù kan ló ń gbani síṣẹ́ báyìí."

Mo ní, "Ká ní a kọ 'Ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́' nìkan ńkọ́, mà?"

"Orí tábìlì mi níbí ni ì bá bọ́ sí, èmi ni ǹ bá sì gbé e wọlé fún wọn. Kódà ká ní 'Sà' lásán lẹ kọ, ǹ bá gbé e wọlé." Ó wò mí. "Kí ló dé tí ẹ ò pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀? Èmi ni mo máa ń gbé fóònù yẹn."

Ó fún mi ní lẹ́tà náà padà. Mo fi í sí inú ẹ̀wù mi.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá Àǹtí nílé tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ń ká aṣọ sínú báàgì. Mo kúnlẹ̀, mo nà án ní lẹ́tà náà, mo sì sọ ohun tí obìnrin yẹn sọ. Ó yí àpò ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Kò tíì ṣí."

"Kò tíì ṣí, mà."

"O ṣáà ní o pè wọ́n."

Mo mú aṣọ kan tó bọ́ sílẹ̀, mo ń bá a ká a.

"Dá mi lóhùn. O pè wọ́n àbí o ò pè wọ́n?"

Mo ní, "N ò pè wọ́n, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ì bá ti dára. Ó kàn jókòó sórí báàgì náà, ó ní, "Èmi náà ní fóònù. Ká ní o sọ fún mi pé ojú ń tì ọ́, mo lè pè wọ́n fúnra mi." Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní kí n dìde, ilẹ̀ náà dọ̀tí.

Ó lọ sí Èkó. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti ń pe nọ́ńbà níṣojú oníbàárà, kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ bí òyìnbó mi ti rí. Tí wọn kò bá sọ orúkọ fún wa, ipò la ń kọ. Ìyẹn ò gbé ẹnikẹ́ni dìde ní Efire.

Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n júwe ilé náà fún mi létí omi, níbi tí wọ́n ń sá àwọ̀n sí. Màmá náà wà lórí ẹní, obìnrin aládùúgbò kan ló ń fún wọn lóúnjẹ. Mo sọ irú ẹni tí mo jẹ́, pé èmi ni mo tẹ lẹ́tà Àǹtí. Mo ti múra sílẹ̀ fún ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ sọ.

Màmá na ọwọ́ tó ṣì lágbára sí mi. Ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu wọn, obìnrin aládùúgbò náà ló tún un sọ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ó ní, "Wọ́n ní o ṣeun o. Wọ́n ní ọmọ àwọn sọ fún àwọn pé o gbìyànjú fún òun."

Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Ẹ má dúpẹ́ o, màmá." Wọ́n rò pé ìwà ọmọlúàbí ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi.