Omi Gbígbóná Tí Mo Fi Bírò Pupa Yí

Ìdọ̀tí kì í tètè rí mi lára. Lọ́dún tí wọ́n ń fẹ títì ńlá tó gba Lẹ́kkí àti Ajah kọjá, inú ẹrẹ̀ la ń gbà dé ibi iṣẹ́. Mo máa ń bọ́ bàtà mi sọ́wọ́ ní Ṣàngótẹ̀dó, kí n rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ tí wọn ò bò, tí òkú eku àti ike oúnjẹ ń léfòó lórí omi dúdú. Mo máa ń fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu géètì, ó parí. Irọ́ tí wọ́n wẹ̀ mọ́, tí wọ́n fi lọ́fínńdà sí lára, ni ń kó mi nírìíra, irú èyí tó wà nínú ilé iṣẹ́ wa gan-an.

Omi là ń ṣe níbẹ̀, kì í ṣe omi mímu o. Omi tí nọ́ọ̀sì fi ń po oògùn abẹ́rẹ́ oníyẹ̀fun ni. A ó sè é, a ó gba ooru rẹ̀, ooru náà á padà di omi, omi náà á wá máa yípo nínú páìpù ní ọgọ́rin dìgírì tọ̀sán-tòru, kí kòkòrò àìfojúrí má rí ibi jókòó sí. Èmi ni mo wà ní yàrá àyẹ̀wò. Iṣẹ́ mi ni láti sọ bóyá omi dára tàbí kò dára.

Bàbá kan tó wá láti Èkìtì ló ń bójú tó ìkòkò ńlá tí a fi ń se omi náà. Ó ti wà nídìí rẹ̀ kí n tó dé. Tó bá fẹ́ bu omi wá fún mi, á ti ọ̀pá rọ́bà bọ ìsàlẹ̀ ìgò, á jẹ́ kí omi kún, kó ṣàn dànù títí, kó tó wá dé e láìsí ẹyọ ìhó kan nínú rẹ̀. Òótọ́ sì ni pé afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta máa ń sọ omi tó mọ́ bẹ́ẹ̀ di kíkan díẹ̀ kíákíá. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní kẹ́místrì. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Afẹ́fẹ́ ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, Àǹtí."

Omi yẹn máa ń gba inú kóìlì kan kọjá kó tó dé ìgò, ìyẹn ọ̀pá irin wínníwínní tí a ká sínú omi yìnyín, kó lè tutù dé dìgírì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ibẹ̀ ni mo ti ń wo pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tó. Ojoojúmọ́ ni mítà ń sọ 7, tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn. Kò kan, kò sì ní sódà, tí í ṣe òdìkejì kíkan.

Ọ̀gá tuntun dé. Lẹ́kkí Phase 1 ló ń gbé, aṣọ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rún. Ó ní ìwà kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó máa ń fi ìdérí bírò wa etí rẹ̀, á wò ó, á gbóòórùn rẹ̀, á wá gbé e lé orí tábìlì mi, níbi tí mò ń to ìgò tó mọ́ sí. Mo máa ń fi spírítì nu ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó bá ti jáde. Ó ní kóìlì ń fi àkókò ṣòfò. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù, ó sì ra mítà tuntun tí wọ́n kì bọ inú páìpù gbígbóná náà tààrà.

Ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án, 6.3 ló kọ. Ọ̀gá ní, "Acid ti wọ inú omi yìí." Mo mú bírò pupa, mo yí 6.3 po nínú ìwé mi, mo kọ "kò yege" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó wà lábẹ́ 7 ti kan, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìwé tí mo fi pupa yí yẹn ni wọ́n fi kọ kúẹ̀rì fún Bàbá. Lóṣooṣù la máa ń fi ásíìdì fọ ìdí ìkòkò, torí ẹfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní kò ṣàn án dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, pé ó bu ọwọ́ lu iṣẹ́ tí kò ṣe. Ọjọ́bọ̀ ni kó wá ro ẹjọ́ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n máa lé e ni, àti pé kò sí ilé iṣẹ́ kan láti ibẹ̀ dé Lakowe tó máa gba ẹni tí wọ́n bá lé torí pé ó ba omi abẹ́rẹ́ jẹ́. Lọ́jọ́ kan náà, ọ̀gá ní kí wọ́n máa kán sódà sínú omi títí mítà á fi sọ 7.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù kú. Mo ní ìgò kan nínú yàrá, omi tí Bàbá bù nígbà tí kóìlì ṣì wà, tí mo dé pa mọ́ ẹnu ọ̀pá mítà kékeré mi tó ń lo bátìrì. 7.0 ló wà láàárọ̀. Bí yàrá ṣe ń móoru, nọ́ńbà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí tẹmómítà dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, 6.9 ni. Kò sẹ́ni tó ṣí ìgò. Kò sí ásíìdì tó wọlé. Ooru nìkan ló wọlé.

Nígbà náà ni mo rántí. Omi máa ń já ara rẹ̀. Ẹyọ omi kan á gbé háídírójìn fún èkejì, ọ̀kan á di ti ásíìdì, ọ̀kan á di ti sódà. Ìbejì ni wọ́n, wọn kì í wáyé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú omi tó mọ́, ní dìgírì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá móòlù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú lítà kan. Móòlù ni òṣùwọ̀n tí àwa oníkẹ́místrì fi ń ka ohun tí ojú ò lè rí. Òdo méje ló wà nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá, ibẹ̀ ni pH ti rí 7 rẹ̀. Tí a bá fi iye èkíní sọ iye èkejì di púpọ̀, òdo méje àti òdo méje á di mẹ́rìnlá. Èsì ìsọdipúpọ̀ yìí ni omi kì í yẹ̀ lórí rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ìgbóná rẹ̀ kò bá yí padà.

Ṣùgbọ́n ooru ni omi fi ń já ara rẹ̀. Bó bá ṣe ń gbóná sí i ni ìbejì ń pọ̀ sí i. Ní ọgọ́rin dìgírì, èsì yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tó túmọ̀ sí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti di ìlọ́po márùn-ún. pH sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ bí ti ásíìdì bá ti ń pọ̀, ó sì di 6.3 gẹ́lẹ́. Ẹni tó ka Táíwò nìkan, tó rí i pé ó pọ̀, tó wá ń pariwo pé Kẹ́hìndé ti kú, ṣé olóye nìyẹn? Iye kan náà ni wọ́n. Omi yẹn kò kan rárá. Ní ọgọ́rin dìgírì, 6.3 ni àárín.

Mo ti mọ èyí láti ilé ìwé. Mo tiẹ̀ fi kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì rí. Mo jókòó sínú òkùnkùn yàrá yẹn, mi ò sì lọ bá ẹnikẹ́ni. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bi mí pé ta ló fi bírò pupa yí i.

Lọ́jọ́rú, Bàbá wá bá mi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò wọlé, torí bàtà rẹ̀ ní ẹrẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, mo ṣàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣàn án. Ẹ̀yin náà mọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́."

Mo ní, "Ọlọ́run á ṣe é, Bàbá."

Mo ti rí eku tó jẹrà nínú gọ́tà. Kò rùn tó ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́bọ̀, nínú ọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n ka kúẹ̀rì náà sókè. Bàbá dúró, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. Ọ̀gá na ìwé mi sókè, ó ní, "Madam Lab ló kọ ọ́ fúnra wọn." Orúkọ mi wà níbẹ̀ lábẹ́ àmì pupa yẹn. Mo dìde dúró. Mo ní, "Ọ̀gá, àṣìṣe ni mo ṣe. Kò sí ohun tó ṣe omi yẹn."

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mítà yẹn ní temperature compensation. Ó ti fi ooru ṣírò. Ohun tó bá sọ, ti twenty-five ni."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀wé ju tèmi lọ ló ti ṣubú sínú kòtò yẹn. Mo ní, "Ara tirẹ̀ ló ń tún ṣe, sà. Ooru máa ń yí iná tó wà nínú ọ̀pá mítà padà, ìyẹn ló fi ṣírò. Kò kan omi. Ó ń sọ ohun tí omi jẹ́ ní eighty. Èyí tí ẹ wá kán sódà sí yìí gan-an ló ti bàjẹ́. Ká ní kóìlì wà, mi ò bá fi hàn yín."

Bàbá sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ó wà." Ó jáde, ó sì gbé e wá, nínú ọ̀rá méjì tó so lẹ́nu. Wọ́n ní kó dà á nù lóòótọ́, àmọ́ ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó fi pa mọ́ sẹ́yìn àgbá.

A so ó mọ́ páìpù. Omi tí wọ́n kán sódà sí, tó ń sọ 7 nígbà tó gbóná, gba inú kóìlì kọjá láìrí afẹ́fẹ́, mítà sì rọra gùn títí ó fi dúró sórí 8.4. A da gbogbo rẹ̀ nù sí gọ́tà. A se omíràn láìkán nǹkan kan sí i. Nínú páìpù, 6.3. Nínú kóìlì, ó pẹ́ díẹ̀, ó gbọ̀n, ó wá dúró sórí 7.0.

Ọ̀gá fi ìdérí bírò wa etí. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé mítà ló ní fault." Ó mú kúẹ̀rì náà lọ́wọ́ Bàbá, ó ká a sápò. Kò bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó ku àwa méjèèjì, tí Bàbá ń tú kóìlì, ó bi mí láìgbójú sókè pé, "Àǹtí, ọjọ́ wo lẹ mọ̀?"

Mo lè purọ́. Irọ́ ti sú mi. Mo ní, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sà."

Ó ń nu irin náà lọ. Ó ní, "Ọjọ́rú ni mo wá bá yín."

Ó gbé kóìlì náà, ó jáde. Láti ọjọ́ náà títí mo fi fi ibẹ̀ sílẹ̀, àárọ̀ kan ò yẹ̀ tí kò bu omi wá, ó kún dé ẹnu, kò sí ìhó kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi lé mi lọ́wọ́ mọ́. Ilẹ̀, lẹ́nu ilẹ̀kùn, ló ń gbé e kalẹ̀ sí.