Àga Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kámẹ́rà

Ojú méjèèjì ọkùnrin náà pé, wọ́n sì mọ́ kedere, ṣùgbọ́n Olójú-Kan ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí kámẹ́rà kan ṣoṣo ló fi ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń fi mẹ́ta ṣe. Kì í ya eré. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló ń yà, láti ẹnu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Bí Olójú-Kan bá wọ iyàrá, oòrùn fúnra rẹ̀ á dúró béèrè ibi tó yẹ kí òun gbà wọlé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi oòrùn.

Ìyàwó Afọ́kùúta ló ránṣẹ́ pè é. Ọkọ rẹ̀ ti fọ́ òkúta títí eruku fi di amọ̀ nínú àyà rẹ̀, dókítà sì ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ìgbìmọ̀ kan fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ òkúta tó bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ohun kan ló fẹ́ kó tó kú: kí wọ́n gbọ́ láti ẹnu rẹ̀ pé ẹnì kan ló ti ẹ̀rọ omi pa, omi tó yẹ kó máa fọ́n sórí òkúta kí eruku má baà gbéra, kí wọ́n lè ṣí i padà fún àwọn tó ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni obìnrin náà wí lẹ́nu ọ̀nà, "ẹ bá mi yà á kó jọ èèyàn. Kó má jọ òkú."

"Ìyá, fèrèsé yín ló máa ṣe ìyẹn. Èmi kàn máa bẹ̀ ẹ́ ni."

Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà ní pálọ̀ náà. Wọ́n ti gbé aláìsàn síwájú rẹ̀ kó lè rí afẹ́fẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìta. Olójú-Kan mi orí. Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí fèrèsé, òjìji dúdú ni kámẹ́rà máa rí. Ó yí àga náà kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ sójú ọkùnrin náà, ó fà á kúrò lára ògiri kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má baà bá ojú rẹ̀ du ipò, ó sì ta aṣọ funfun sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn. Ó pa gílóòbù, kí ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú má baà bá tìta jà. Ó pa fáànù nítorí ariwo. Ó yọ aago kúrò lára ògiri.

"Kí ni aago ṣe yín?" ni Afọ́kùúta béèrè. Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpò sìmẹ́ńtì nílẹ̀.

"Bí mo bá gé ọ̀rọ̀ yín kúrú, aago á tú mi fó. Ọwọ́ rẹ̀ á fò."

"Ẹ gbé e lọ. Èmi àti òun, a ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ mọ́."

Obìnrin náà fẹ́ gbé bàtà iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ ẹ̀yìn, bàtà tó funfun báláú fún eruku. Olójú-Kan ní kó fi sílẹ̀. Nínú gbogbo ẹrù iyàrá náà, bàtà náà nìkan ló ní ẹjọ́ láti rò. Ó wá gbé kámẹ́rà dọ́gba pẹ̀lú ojú aláìsàn, ó gbé àga tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, lápá fèrèsé, ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú àwòrán ní apá ibi tí ọkùnrin náà máa kọjú sí. Bóyá ẹ̀dá kankan ti to iyàrá tó báyìí rí láyé, n ò mọ̀.

Ìgbà náà ni Òpó wọlé. Ẹ̀gbọ́n Afọ́kùúta ni, òun sì ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ níbi òkúta náà. Ó ga débi pé ó ń tẹrí ba fún gbogbo ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn nìkan sì ni.

"Olójú-Kan, o ti wá sin àbúrò mi kó tó kú?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀sán. Ẹ̀ ń dí ẹnu ọ̀nà."

Kò kúrò níbẹ̀. Olójú-Kan tẹ kámẹ́rà, ó jókòó, ó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́. Afọ́kùúta bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti dárúkọ omi, ojú rẹ̀ á sá kúrò lára Olójú-Kan, á fò kọjá kámẹ́rà, á lọ sí ẹnu ọ̀nà, á sì padà. Olójú-Kan dá a dúró. Ó mọ bí ìyẹn ṣe máa rí lójú ẹni tó bá wò ó: ojú òpùrọ́ ló máa ń sá bẹ́ẹ̀, ta ló máa mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń lé e?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa bọ́ síta díẹ̀."

"Ilé àbúrò mi ni mo wà."

"Ẹ má dúró nígbà náà. Ẹ wá jókòó sí àga mi, kó lè rí yín dáadáa."

Ìgbéraga ló gbé Òpó dé àga náà. Bó ti jókòó, Afọ́kùúta gbé ojú sókè, ojú náà dúró, kò sì sá mọ́. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkùukùu ti ń bọ̀. Olójú-Kan sáré tẹ kámẹ́rà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Afọ́kùúta wí, "ẹ̀yin lẹ ti ẹ̀rọ omi pa. Ẹ ní òkúta tútù ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Mo bẹ̀ yín. Mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn tí mo dàgbà jù lọ. Ẹ ní kí n fi aṣọ bo imú."

Ìkùukùu gorí oòrùn, ojú Afọ́kùúta ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń rì sínú omi. Olójú-Kan kò fọwọ́ kan nǹkan. Èékánná Òpó ń họ itan rẹ̀ bí ẹni ń wa ilẹ̀. Ó wu Olójú-Kan kó yí kámẹ́rà sí i. Bó bá yí i, á pàdánù ẹni tó ń kú. Ó di ẹsẹ̀ kámẹ́rà mú.

"Ẹ ṣí i fún àwọn tó kù," ni Afọ́kùúta wí. Ikọ́ gbà á, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Òpó dìde, ó jáde láìtẹrí ba, igi ilẹ̀kùn sì gbá a níwájú orí.

Ìgbà náà ni Olójú-Kan rí àṣìṣe rẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ ẹni tó ní kámẹ́rà kan ni pé kó lọ sẹ́yìn kó ya ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́ pa pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, kó lè hàn pé wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ó ti fi òfin náà sílẹ̀ nítorí ìkùukùu, ó ní òun á yà á bí wọ́n bá parí. Wọ́n ti parí, Òpó sì ti lọ. Kò tó ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sin Afọ́kùúta.

Ìgbìmọ̀ wo fíìmù náà láìmí. Òpó ní òun kò débẹ̀.

"Ta ló jókòó sí àga yẹn?" ni alága béèrè.

"Òun ni," ni Olójú-Kan wí. "Ẹ wo ojú olóògbé. Nígbà tí èmi jókòó, ojú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú kámẹ́rà. Nígbà kejì, ó gbé e sókè, torí ẹni gíga ló ń wò."

"Ẹni tó ń kú lè gbójú sókè fún ohun púpọ̀," ni alága wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní olóògbé kò dárúkọ, ẹnikẹ́ni ló sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ìyàwó kò lè ṣe ẹlẹ́rìí ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó yà á nìkan kò sì tó. Wọ́n ní ẹni tí wọn kò rí, wọn kò lè dá lẹ́jọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, obìnrin náà ní kó jẹ́ kí òun wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Olójú-Kan gbé kámẹ́rà lé orí ògiri kúkúrú lójú títì, ó fi ọwọ́ ṣíji bo àwòrán náà fún un. Obìnrin náà wò ó dé ibi tí ojú ọkọ rẹ̀ ti gòkè.

"Ó jọ èèyàn," ló wí. "Ẹ ṣeun."

Lókè òkè lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ òkúta ń lọ láìsí omi, eruku rẹ̀ sì gbẹ, ó funfun, ó ń rọ̀ sórí òrùlé gbogbo.